Kí ló dé tí pínpín lásán fi ń ba fótò jẹ́, tí fítà Wiener sì ń tún un ṣe

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi kóòdù tí mo kọ fúnra mi tún fótò bàìbàì ṣe, mo rò pé mo ti di àgbà ọ̀jẹ̀. Mo mú fótò dúdú-funfun kan tó jẹ́ píksẹ́lì 512 níbùú àti lóròó, mo fi kọ̀ǹpútà bà á jẹ́ bí ìgbà tí kámẹ́rà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú píksẹ́lì 9, lẹ́yìn náà mo ṣe ìdàkejì ohun tí mo ṣe, fótò náà sì padà wá kedere, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Inú mi dùn, mo wá tọ́jú fótò bàìbàì yẹn sínú fáìlì PNG kí n lè fi han ẹnì kan lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣí fáìlì náà tí mo tún kóòdù kan náà rán sí i, ìlà gbúndúgbúndú ló kún ojú fótò látòkè délẹ̀. Kóòdù ò yí padà o, fótò ò yí padà (ojú lásán ò lè rí ìyàtọ̀ kankan), àmọ́ iṣẹ́ ti bàjẹ́ pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí tó bá yé èèyàn, ọ̀rọ̀ fítà Wiener, ìṣirò tó ń tún fótò bàìbàì ṣe tí wọ́n máa ń fi fọ́múlà dẹ́rù bani, á yé e pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí fótò ṣe ń di bàìbàì. Tí kámẹ́rà bá yẹ̀ sọ́tùn-ún pẹ̀lú píksẹ́lì 9 kó tó pa ojú dé, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ò ní gba ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ nìkan mọ́, yóò gba díẹ̀díẹ̀ lára ti àwọn aládùúgbò ẹ̀, tó fi jẹ́ pé iye tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ìpíndọ́gba píksẹ́lì 9 tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ìyẹn nìkan ni. Kò sí idán kankan ńbẹ̀, ìpíndọ́gba lásán ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni pé tí a bá fi ọ̀nà Fourier tú fótò palẹ̀, a lè wo ìlà fótò kọ̀ọ̀kan bí àkójọ ìgbì, àwọn kan gùn tí wọ́n rọra ń lọ sókè sódò (àwọn wọ̀nyí ló ń gbé ojú ọ̀run, ògiri, àti àwọn nǹkan ńláńlá), àwọn kan kúrú tí wọ́n ń sáré (àwọn wọ̀nyí ló ń gbé irun, lẹ́tà wẹ́wẹ́, àti etí nǹkan). Ìgbì 1 ni èyí tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti etí òsì fótò dé etí ọ̀tún, ìgbì 57 ni èyí tó yí nígbà 57, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bíbàjẹ́ tí kámẹ́rà ba fótò jẹ́, tí a bá wò ó láti ibi ìgbì, nǹkan kékeré ló ṣe: ó fi nọ́ńbà kan sọ gíga ìgbì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, nọ́ńbà náà kì í sì í ju 1 lọ. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní H. Ìgbì gígùn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ìgbì 10 fún àpẹẹrẹ, H ẹ̀ jẹ́ 0.95, ìyẹn ni pé ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló sọnù. Ìgbì 34, H ti wálẹ̀ sí bíi 0.5. Àmọ́ ìgbì 57, ìgbì kan níbẹ̀ gùn tó píksẹ́lì 8.98, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 gééré, tí ẹ bá sì ṣe ìpíndọ́gba píksẹ́lì 9 lórí ìgbì tó gùn tó 9, apá tó lọ sókè àti apá tó wálẹ̀ á pa ara wọn rẹ́, kò ní ṣẹ́ kù ju òfo lọ. H ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.002.

Ó yẹ kó ti máa hàn sí yín níbi tí a ń lọ. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni a fi H sọ ìgbì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ṣebí kí a kàn pín in padà pẹ̀lú H ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ínfáàsì fítà ń ṣe nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì 34 tó ti di ìdajì, sọ ọ́ di ìlọ́po 2. Ìgbì 57 tó ti di 0.002, sọ ọ́ di ìlọ́po 500. Lórí bébà, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí tèmi fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé fótò tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ìgbì tó ti dín kù nìkan, ariwo wà lórí ẹ̀. Ẹ má rò ó bí ariwo etí o, ariwo tí mò ń sọ ni àwọn èérún kékeré tí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà máa ń fi kún iye píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, òkè díẹ̀ níbí, ìsàlẹ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún, láìní ìlànà. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù nípa ariwo yìí ni pé lẹ́yìn tí fótò ti bàìbàì tán ló ń wọlé, nítorí náà H ò dín tiẹ̀ kù. Ó wà ní ìgbì 10, ó wà ní ìgbì 57, bákan náà ló rí níbi gbogbo. Nígbà tí a bá wá pín gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú H, àwòrán padà sípò lóòótọ́, àmọ́ ariwo náà gba pínpín ọ̀hún:

```
G = H*F + N
G/H = F + N/H
```

F ni fótò tòótọ́, N ni ariwo, G ni ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ wo `N/H` yẹn dáadáa, òun ni ọ̀tá. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ wá ṣí ohùn ẹ̀ sókè dé òpin, ẹ ò lè ṣí ohùn ẹni yẹn nìkan, shááá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á ṣí pẹ̀lú, tó bá sì jẹ́ pé ẹni yẹn ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan gan-an, shááá yẹn nìkan lẹ máa gbọ́.

Àmọ́ ẹ máa bi mí pé, fótò tèmi ò wá látinú kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà ni mo fi bà á jẹ́, ibo ni ariwo ti wá? Látinú PNG ni. Kí n tó tọ́jú ẹ̀, iye píksẹ́lì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà lẹ́yìn àmì dẹ́símà, 131.4472 báyìí báyìí. Fáìlì onípele 256 ò gba dẹ́símà, 0 sí 255 ló mọ̀, ló bá sọ ọ́ di 131. Ohun tó já sọnù ò tó ìdajì ipele kan, ní ìpíndọ́gba bíi 0.29 ni, ẹ̀dá Ọlọ́run kan ò lè fojú rí i. Àmọ́ ariwo ni! Mo jókòó ṣírò ẹ̀ nígbà tó yá: tí ẹ bá kó ìlọ́po gbogbo ìgbì pọ̀ fún ìbàjẹ́ píksẹ́lì 9 lórí fótò 512, pínpín pẹ̀lú H ń sọ ariwo di nǹkan bí ìlọ́po 60. 0.29 yẹn di nǹkan bíi 18 nínú 255. Ìdí tí mo fi rí ìlà nìyẹn, tí ìlà náà sì ń tún ara ẹ̀ ṣe ní bíi píksẹ́lì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, torí ìgbì 57 àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí H wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo (114, 171, 228) ló jẹ gàba lórí gbogbo fótò. Tó bá jẹ́ fótò kámẹ́rà gidi tí ariwo ẹ̀ tó ipele 2, tó jẹ́ pé fótò tó dára ni wọ́n máa pè é, ó di 125 nínú 255 nìyẹn, fótò ti bọ́ sínú èérún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé ibí máa ń rò pé tí H bá ti kéré jù, kí a kàn má pín in, ká fa ààlà kan, pé ohunkóhun tí H ẹ̀ bá wà lábẹ́ 0.1, a ò ní fọwọ́ kàn án. Ó dára ju pínpín lásán lọ, mi ò purọ́. Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ 0.1? Kí ló dé tí kì í ṣe 0.05? Ìgbì kan lè ní H kékeré síbẹ̀ kí agbára ẹ̀ pọ̀ débi pé ó ṣì yọ lórí ariwo, òmíràn lè ní H tó dáa díẹ̀ síbẹ̀ kó jẹ́ pé ariwo ti bò ó mọ́lẹ̀. H nìkan ò tó láti fi ṣèdájọ́.

Ibí ni MMSE, ìyẹn minimum mean square error, ti wọlé. Orúkọ ẹ̀ gùn, àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí ò le: ẹ mú ìyàtọ̀ láàárín fótò tí fítà yọ jáde àti fótò tòótọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ náà lọ́po ara ẹ̀ (kí òkè àti ìsàlẹ̀ má baà pa ara wọn rẹ́, kí àṣìṣe ńlá sì jẹ̀bi ju kékeré lọ), ẹ ṣe ìpíndọ́gba ẹ̀, kí ẹ wá wá fítà tó máa jẹ́ kí ìpíndọ́gba yẹn kéré jù lọ. Norbert Wiener, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ìṣirò náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìwé àṣírí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ní 1942 kó tó jáde fáyé rí ní 1949. Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Soviet, náà ti dé irú ibi kan náà lọ́tọ̀ ní 1941. Kì í ṣe tìtorí fótò ni wọ́n ṣe ṣe é, nígbà tó yá, ní 1967, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Helstrom gbé e wá sídìí fótò bàìbàì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbì kan ṣoṣo, ká wá nọ́ńbà tó yẹ ká fi sọ ọ́ di púpọ̀, ká pè é ní `W`. Àṣìṣe méjì ló wà nílẹ̀ tó ń fa `W` síbí sọ́hùn-ún. Tí `W` bá kéré jù, ìgbì náà ò ní padà dé ibi tó yẹ kó wà, àwòrán á ṣì máa ṣe bàìbàì. Tí `W` bá tóbi jù, ariwo á wú. Ínfáàsì fítà, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìkan ló mọ̀, ó pa á rẹ́ pátápátá, kò sì bìkítà iye tí èkejì máa ná wa. Wiener kó àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan, ó wá ibi tí àpapọ̀ wọn ti kéré jù. Ohun tó bọ́ sí nìyí:

```
W = conj(H) / (|H|^2 + K)
K = agbára ariwo / agbára àwòrán
```

`conj(H)` yẹn, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dá ìgbì tó ti yẹ̀ kúrò ní àyè ẹ̀ padà sí àyè ẹ̀. `K` ni ọ̀gá. Tí ẹ bá fi 0 sípò `K`, fọ́múlà yẹn á di `1/H`, ínfáàsì fítà náà nìyẹn, ìyẹn ni pé ínfáàsì fítà jẹ́ fítà Wiener tó gbà pé ariwo ò sí láyé.

Ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní ariwo tó 2 ní ìgbì kọ̀ọ̀kan (agbára ẹ̀ jẹ́ 4, torí agbára ni nọ́ńbà náà lọ́po ara ẹ̀), fótò sì lágbára níbi ìgbì gígùn ju kúkúrú lọ, bí fótò gidi ṣe máa ń rí.

Ìgbì 10, àwòrán tó 200, H jẹ́ 0.95. `K` á jẹ́ 4 pín sí 40000, ìyẹn 0.0001. Ínfáàsì ní ká fi 1.0526 sọ ọ́ di púpọ̀, Wiener ní 1.0525. Kò síjà láàárín wọn rárá. Ìgbì 34, àwòrán tó 20, H jẹ́ 0.5, `K` jẹ́ 0.01: ínfáàsì ní 2, Wiener ní 1.92. Àṣìṣe ínfáàsì (ìlọ́po ara ẹ̀ o) jẹ́ 16, ti Wiener 15.4. Ó sàn díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àyíká ìgbì 52 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà. H níbẹ̀ ti wà ní bíi 0.1. Ká ṣì fi àwòrán sí 20 kí ìṣirò rọrùn, `K` jẹ́ 0.01, `|H|^2` náà jẹ́ 0.01, wọ́n dọ́gba. Ínfáàsì ní ká fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, àwòrán á padà sí 20 lóòótọ́, àmọ́ ariwo náà á di 20, méjèèjì tó ara wọn, àṣìṣe jẹ́ 400. Wiener ní 5, ìdajì gééré. Àwòrán padà sí 10, ó kù díẹ̀ káàtó, ariwo sì dúró sí 10, ẹ lọ́po kálukú wọn kí ẹ ro wọ́n pọ̀, 200. Ẹ rí i pé Wiener mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdajì àwòrán sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè dín ariwo kù, ohun tó sì fi sílẹ̀ kéré sí ohun tó jèrè. Níbikíbi tí `|H|^2` bá ti dọ́gba pẹ̀lú `K`, ìdajì ohun tí ínfáàsì máa fẹ́ ló máa ṣe, èyí dáa láti mọ̀ sórí, torí ó jẹ́ kí èèyàn mọ ibi tí fítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́.

Ìgbì 57 wá ńkọ́? Àwòrán ká ní 10, H jẹ́ 0.002, `K` jẹ́ 0.04. Ínfáàsì ní 500: ariwo di 1000 lórí àwòrán tí kò ju 10 lọ, àṣìṣe jẹ́ mílíọ̀nù kan. Wiener ní 0.05! Kò sọ ọ́ di púpọ̀ rárá, ńṣe ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àṣìṣe ẹ̀ sì jẹ́ 100, ìyẹn ni pé ó gbà pé ìgbì yẹn ti lọ. Ibí lẹ ti máa rí i pé fítà Wiener ò dá ohun tó sọnù padà. Omi tó ti dànù ni ìgbì 57, kò ṣeé kó. Ohun tí Wiener mọ̀ ni pé ó ti dànù, ínfáàsì ò mọ̀, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ sínú igbá ó ń pè é lómi.

Kóòdù ẹ̀ kúrú débi pé ó ń dójú tini; `g` ni fótò bàìbàì, `h` ni 1/9 mẹ́sàn-án tó tò lórí ìlà kan, `np` sì ni numpy:

```python
G = np.fft.fft2(g)
H = np.fft.fft2(h, s=g.shape)
W = np.conj(H) / (np.abs(H)**2 + K)
f = np.real(np.fft.ifft2(W * G))
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo fi `K` kan ṣoṣo sí i fún gbogbo ìgbì, nígbà tó jẹ́ pé nínú ìṣirò wa òkè yẹn ó ń yí padà láti ìgbì dé ìgbì. Ìwà ọ̀lẹ ni, mo gbà, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn, torí láti mọ `K` ìgbì kọ̀ọ̀kan, ẹ nílò agbára fótò tòótọ́, fótò tòótọ́ yẹn gan-an sì lẹ ń wá. Ti ariwo rọrùn: ẹ wá ibi tó tẹ́jú nínú fótò, ògiri tàbí ojú ọ̀run, ẹ wo bí píksẹ́lì ibẹ̀ ṣe ń yàtọ̀ síra, ariwo nìyẹn. Ti àwòrán, àwọn kan máa ń lo àpapọ̀ fótò mìíràn tó jọ ọ́, nígbà míì wọ́n á gbà pé agbára ń dín kù bí ìgbì ṣe ń kúrú. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.01 ni, mo máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po 10 tàbí kí n pín in sí 10 títí ojú mi á fi gbà á. Ó rọrùn láti mọ ibi tí ẹ wà: tí èérún àti ìlà bá ń yọ, `K` kéré jù, tí fótò bá mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì rọ̀ bí ẹni wo nǹkan láti ẹ̀yìn èéfín, `K` tóbi jù.

Àmọ́ àṣìṣe kan wà tí `K` ò lè wò sàn, òun ló sì ń jẹ àkókò àwọn èèyàn jù. Tí kámẹ́rà bá yẹ̀ píksẹ́lì 11 tí ẹ sọ fún kóòdù pé 9 ni, àwọn ibi tí H ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo ò ní bọ́ síbi tí fítà rò pé wọ́n wà. Ẹ máa rí òjìji, etí nǹkan kọ̀ọ̀kan á ní èkejì àti ẹ̀kẹta tó rọra ń parẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá gbé `K` sókè, òjìji á dín kù, fótò náà á bàìbàì padà, ẹ tún wálẹ̀, òjìji padà, bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èérún ni àmì ariwo, òjìji tó tẹ̀ lé etí nǹkan ni àmì pé H yín ò tọ̀nà. Ẹ fi `K` sílẹ̀, ẹ lọ tún gígùn tàbí ìdarí ìyẹ̀ náà wò.

Òjìji mìíràn tún wà tó máa ń wá láti etí fótò nìkan tó ń wọ inú bọ̀. Ti Fourier nìyẹn, ó gbà pé etí òsì àti etí ọ̀tún fótò so pọ̀ mọ́ra, nígbà tó jẹ́ pé ní fótò gidi wọn ò jọra rárá. Ẹ jẹ́ kí etí fótò rọra ṣá sínú ara wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dín in kù gan-an. Ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù tó ti dé 255 tó wá dúró síbẹ̀ náà máa ń dá òjìji sílẹ̀, torí píksẹ́lì yẹn ò sọ òótọ́ iye ìmọ́lẹ̀ tó gbà mọ́, `G = H*F + N` ti yẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fótò JPEG: ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ ti yí padà kó lè bá ojú wa mu, ìpíndọ́gba tó ṣẹlẹ̀ nínú kámẹ́rà sì ṣẹlẹ̀ kí ó tó yí. Tó bá ṣeé ṣe, fáìlì RAW àìfọwọ́kàn látinú kámẹ́rà ni kí ẹ lò.

Ohun kan tó kù tó sì máa ń bí mi nínú díẹ̀ ni pé fítà kan náà ni Wiener ń lò fún gbogbo ojú fótò. Ojú ọ̀run tí kò ní nǹkan kan lórí, tí èérún kékeré á ti hàn lórí ẹ̀, àti irun orí tí èérún ò ní hàn lórí ẹ̀ rárá, ìwọ̀n kan náà ló fún àwọn méjèèjì, torí ìpíndọ́gba àṣìṣe ni wọ́n ní kó dín kù, wọn ò sọ fún un ibi tí ojú èèyàn máa ń wò. Nítorí náà ẹ lè rí èsì tí àṣìṣe ẹ̀ kéré jù lórí bébà, tí ẹ á sì tún rí òmíràn tí `K` ẹ̀ ò bá ìṣirò mu tó wu ojú yín jù ú lọ. Mo ti yan ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.